Wákàtí Kan Tàbí Ogún Wákàtí?

Bí alábàárù kan bá ru ẹrù fún wákàtí 12 péré láàárín ọ̀sẹ̀ kan ní ọjà Máìlì 12, tí kò sì rí nǹkan mìíràn ṣe mọ́ títí ọ̀sẹ̀ náà fi parí, ṣé ká kà á mọ́ àwọn tó níṣẹ́ lọ́wọ́ ni, àbí ká kà á mọ́ àwọn tí kò níṣẹ́? Ìbéèrè yìí ni akẹ́kọ̀ọ́ méjì gbé wá bá mi ní Kétu ní ọjọ́ Sátidé kan tí ìdánwò wọn ku ọjọ́ mẹ́sàn-án. Kíláàsì kan náà ni wọ́n wà, kọ́ọ̀sì kan náà ni wọ́n sì ń ṣe. Èyí ọkùnrin ní alábàárù náà kò níṣẹ́, èyí obìnrin ní ó níṣẹ́. Kálukú wọn ló sì ní ìwé olùkọ́ tó fi gbe ọ̀rọ̀ rẹ̀ lẹ́sẹ̀.

Olùkọ́ méjì ló pín kọ́ọ̀sì náà láàárín ara wọn. Àkọ́kọ́ kọ́ wọn fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà, èkejì gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, ó sì kọ́ wọn títí sáà fi parí. Síláìdì àwọn méjèèjì ni àwọn ọmọ yìí ti tẹ̀ jáde ní ṣọ́ọ̀bù fọ́tókọ́pì kan ní ọ̀nà Ìkòsí, síláìdì mẹ́fà mẹ́fà lójú ìwé kan, tí lẹ́tà rẹ̀ kéré bí ọmọ eèrà. Mo gbé e súnmọ́ fèrèsé kí n tó lè kà á. Síláìdì ti àkọ́kọ́ ní ẹni tí kò níṣẹ́ ni ẹni tó wà láàárín ọdún 15 sí 64, tó ń wá iṣẹ́, tí kò ṣiṣẹ́ rárá tàbí tí iṣẹ́ tó ṣe lọ́sẹ̀ kò tó wákàtí 20. Síláìdì ti èkejì ní ẹni tí kò níṣẹ́ ni ẹni tó ti pé ọdún 15 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ, tí kò ṣe iṣẹ́ owó tàbí iṣẹ́ èrè fún wákàtí kan ṣoṣo láàárín ọjọ́ 7, tó ń wá iṣẹ́, tó sì ṣe tán láti bẹ̀rẹ̀ bó bá rí i.

“Àǹtí, èwo nínú wọn ló ṣì í kọ?” Ohun tí ọmọkùnrin náà bi mí nìyẹn. Mo sọ fún un pé kò sí èyí tó ṣì í kọ nínú wọn.

Ó ti lé ní ọdún 15 tí mo ti ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní ẹ̀kọ́ ọrọ̀ ajé ní agbègbè Kétu yìí, mo sì ti mákì ìwé ìdánwò lọ́pọ̀ ìgbà. Tí síláìdì méjì bá ta kora, ohun tí mo máa ń rí ni pé àwọn ọmọ á wá olùkọ́ tí wọ́n bẹ̀rù jù, wọ́n á sì há ti ẹni yẹn sórí. Mi ò gbà pé ọ̀nà nìyẹn. Nínú ìwé èdè Yorùbá tiwa, ọ̀rọ̀ tí a ń lò fún ìtumọ̀ tí a là kalẹ̀ báyìí ni oríkì. Ẹ̀yin náà sì mọ̀ pé oríkì kì í rìn kiri láìní ìdílé. Bí a bá gbọ́ oríkì, ìdílé tó ni ín là ń béèrè. Nítorí náà, iṣẹ́ àkọ́kọ́ tí mo gbé fún wọn lọ́jọ́ náà ni pé kí wọ́n wá ẹni tó ni ìtumọ̀ kọ̀ọ̀kan, àti ọdún tó jáde, nítorí síláìdì méjèèjì kò sọ ọ́.

Ẹni kan náà ló ni méjèèjì. Ibi tọ́rọ̀ ti ya àwọn ọmọ náà lẹ́nu nìyẹn. Àjọ ìjọba àpapọ̀ tó ń ṣe ìṣirò, tí gbogbo wa mọ̀ sí NBS, ló lo ti àkọ́kọ́, òun náà ló sì ń lo ti èkejì báyìí. Ṣáájú ọdún 2014, wákàtí 40 lọ́sẹ̀ ni àjọ náà fi ń wọn iṣẹ́: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò bá tó 40, kò níṣẹ́ nìyẹn. Wọ́n wá tún un ṣe, ìlànà tuntun náà sì di mímọ̀ lọ́dún 2015. Wọ́n pín in sí mẹ́ta: ẹni tí iṣẹ́ rẹ̀ kò tó wákàtí 20 kò níṣẹ́, ẹni tó ṣe 20 sí 39, iṣẹ́ rẹ̀ kò kún ọwọ́, ẹni tó ṣe 40 tàbí jù bẹ́ẹ̀ lọ níṣẹ́ kíkún. Òṣùwọ̀n yìí ló gbé ìdá 33.3 nínú ọgọ́rùn-ún jáde fún oṣù mẹ́ta tó gbẹ̀yìn ọdún 2020, èyí tí gbogbo ìwé ìròyìn gbé kiri. Lẹ́yìn náà, ní oṣù kẹjọ ọdún 2023, àjọ náà gbé àbájáde ìwádìí tuntun jáde, pẹ̀lú ìrànlọ́wọ́ Báńkì Àgbáyé àti Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé. Wọ́n ti gba òṣùwọ̀n wákàtí kan tí Àjọ Òṣìṣẹ́ Àgbáyé ń lò. Ìdá 5.3 ló jáde fún oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn ọdún 2022, ìdá 4.1 fún oṣù mẹ́ta àkọ́kọ́ ọdún 2023.

Ariwo sọ nígbà náà. Mo rántí pé nínú mọ́tò BRT láti Máìlì 12 lọ sí Fádéyì, ọ̀rọ̀ náà ni àwọn èrò ń fà mọ́ra wọn lọ́wọ́. Wọ́n ní irọ́ ni, wọ́n ní báwo ni iṣẹ́ ṣe pọ̀ lójijì nígbà tí ọmọ àwọn ṣì jókòó sílé. Mo mọ ibi tí bàtà ti ń ta wọ́n lẹ́sẹ̀, àmọ́ kò sẹ́ni tó sọ pé iṣẹ́ pọ̀. Igbá tí a fi ń wọn gàrí ni wọ́n pààrọ̀.

Kí àwọn ọmọ yìí lè rí i pẹ̀lú ojú ara wọn, mo ní kí wọ́n mú ìwé ká ka ènìyàn mẹ́wàá tí wọ́n mọ̀ dáadáa ní àdúgbò. Ẹ bá wa kà á.

Ẹni àkọ́kọ́ ni ìyá tó ń ta ata rodo ní Máìlì 12, tó ń ṣe wákàtí 54 lọ́sẹ̀. Èkejì ni dírẹ́fà dánfó, wákàtí 60. Ẹ̀kẹta ni gádì ilé epo, wákàtí 48. Ẹ̀kẹrin ni onídìrí tí oníbàárà rẹ̀ ti dínkù, wákàtí 25, ó sì ń fẹ́ sí i. Ẹ̀karùn-ún ni alábàárù wa, wákàtí 12, ó ń wá iṣẹ́ kiri. Ẹ̀kẹfà ni ọmọ tó ti gboyè, tó ń kọ́ ọmọ ilé kan ní lẹ́sìn fún wákàtí 6 lọ́sẹ̀, òun náà ń wá iṣẹ́. Ẹ̀keje gboyè, kò ṣe nǹkan kan, ó ń kọ̀wé wáṣẹ́ lójoojúmọ́. Ẹ̀kẹjọ náà gboyè, kò ṣe nǹkan kan, ṣùgbọ́n ó ti sú u, kò wá iṣẹ́ mọ́. Ẹ̀kẹsàn-án jẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ tí kò wá iṣẹ́. Ẹ̀kẹwàá ni màmá àgbà kan, ẹni ọdún 70, tó ń pa ẹ̀fọ́ tà níwájú ilé fún wákàtí 30 lọ́sẹ̀, tí ìyẹn sì tẹ́ ẹ lọ́rùn.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ fi síláìdì àkọ́kọ́ wọ̀n wọ́n. Agbo òṣìṣẹ́ ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ pẹ̀lú àwọn tó ń wá a. Màmá ti kọjá 64, nítorí náà kò sí nínú kíkà. Ẹ̀kẹjọ àti ẹ̀kẹsàn-án kò wá iṣẹ́, wọn kò sí níbẹ̀. Ó ku ènìyàn 7. Nínú wọn, alábàárù, olùkọ́ lẹ́sìn àti ẹni tó ń kọ̀wé wáṣẹ́ ni kò tó wákàtí 20. Ènìyàn 3 nínú 7, ìyẹn jẹ́ ìdá 42.9 nínú ọgọ́rùn-ún. Onídìrí nìkan ni iṣẹ́ rẹ̀ kò kún ọwọ́.

Ẹ wá fi síláìdì kejì wọn àwọn kan náà. Màmá wọlé nítorí òṣùwọ̀n yìí kò dá ọjọ́ orí dúró ní 64, agbo òṣìṣẹ́ sì di ènìyàn 8. Alábàárù ṣe ju wákàtí kan lọ, ó níṣẹ́. Olùkọ́ lẹ́sìn náà níṣẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo ni kò níṣẹ́, ẹ̀keje. Ènìyàn 1 nínú 8, ìdá 12.5 nínú ọgọ́rùn-ún.

Ọmọbìnrin náà gbé bírò rẹ̀ sílẹ̀. Ó ní, “Àǹtí, níbo ni àwọn méjì yòókù wá lọ?” Ìbéèrè tí mo ti ń dúró dè nìyẹn. Wọn kò lọ síbì kankan. Lábẹ́ òṣùwọ̀n tuntun, ẹni tó níṣẹ́ ṣùgbọ́n tí kò tó wákàtí 40, tó fẹ́ ṣe sí i, tó sì ráyè láti ṣe é, iṣẹ́ rẹ̀ kò kún ọwọ́. Alábàárù àti olùkọ́ lẹ́sìn ti kúrò ní ilà àìríṣẹ́ṣe, wọ́n bọ́ sí ilà iṣẹ́ tí kò kún ọwọ́, wọ́n bá onídìrí níbẹ̀. Àwọn 3 tí ìyà ń jẹ lójú síláìdì àkọ́kọ́ ṣì wà níbẹ̀ lójú síláìdì kejì, ilà méjì ni wọ́n wà báyìí. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń bá ọmọ tó bá ka ilà kan ṣoṣo wí. Bí àjọ náà ṣe ń kéde ìdá 4.1 yẹn ló kéde ìdá 12.2 fún iṣẹ́ tí kò kún ọwọ́ ní oṣù mẹ́ta kan náà, díẹ̀ ló sì rí i.

Kí ló dé tí ẹnikẹ́ni fi máa lo wákàtí kan? Àwọn ọmọ máa ń rò pé ìjọba ló fẹ́ bo àbùkù. Ìdí rẹ̀ ti pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Láti ọdún 1982 ni ìpàdé àwọn onímọ̀ ìṣirò òṣìṣẹ́ ní Jẹ̀nífà ti fi wákàtí kan múlẹ̀. Ọjà tí alábàárù rù fún wákàtí kan, owó rẹ̀ wọ inú àpapọ̀ ọrọ̀ tí orílẹ̀-èdè pèsè. Bí a bá ka iṣẹ́ náà síbẹ̀, tí a kò ka ẹni tó ṣe é mọ́ òṣìṣẹ́, ìṣirò méjèèjì kò ní bára mu. Ẹ̀wẹ̀, àwọn tó yan 20 ní Nàìjíríà ní ìdí tiwọn, mo sì gbà pẹ̀lú wọn pé ìdí náà lágbára. Ìjọba wa kò fún aláìríṣẹ́ lówó oṣù bí àwọn ìjọba kan ti ń ṣe ní òkè òkun. Ẹni tó bá jókòó lásán níhìn-ín kò ní jẹun, nítorí náà ọ̀pọ̀ ló máa ń wá nǹkan kékeré ṣe. Òṣùwọ̀n wákàtí kan á fi púpọ̀ nínú wọn hàn bí ẹni tó níṣẹ́. Nínú èrò tèmi, 20 sọ ìnira inú ìlú fún wa dáadáa, wákàtí kan sì dára láti fi wé orílẹ̀-èdè mìíràn.

Mo jẹ́ kí wọ́n mọ̀ pé èrò mi kọ́ ni ìdánwò ń bèèrè.

Báwo la ṣe wá ń yan èyí tí a óò kọ? Tábìlì tó wà nínú ìbéèrè ni kí ojú kọ́kọ́ lọ bá. Bí wọ́n bá pín wákàtí sí 1 sí 19, 20 sí 39, àti 40 sókè, òṣùwọ̀n 2015 ni olùbéèrè ní lọ́kàn, nítorí kò sí ohun tí òṣùwọ̀n tuntun fẹ́ fi 19 ṣe. Bí ìbéèrè bá sọ nípa ẹni tó wá iṣẹ́ láàárín ọ̀sẹ̀ mẹ́rin tó kọjá, tó sì lè bẹ̀rẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ méjì, tàbí tó mẹ́nu ba ẹni tó ti kọjá ọdún 64, òṣùwọ̀n tuntun nìyẹn. Bí wọ́n bá fún wa ní ọdún, ọdún ló ń ṣèdájọ́: iye ọdún 2015 sí 2020 lọ pẹ̀lú síláìdì àkọ́kọ́, iye oṣù mẹ́ta tó kẹ́yìn 2022 sókè lọ pẹ̀lú èkejì.

Bí ìbéèrè kò bá ní tábìlì, tí kò ní ọdún, tó kàn ní ká ṣàlàyé kí ni àìríṣẹ́ṣe, ẹ kọ èyí tí àjọ náà ń lò báyìí, kí ẹ sì fi gbólóhùn kan kún un pé wákàtí 20 ni wọ́n ń lò tẹ́lẹ̀. Gbólóhùn kan náà tó. Ẹni tó bá ń mákì, bí ìwé ìdáhùn iwájú rẹ̀ bá gbé 20 kalẹ̀, yóò rí i nínú iṣẹ́ yín. Bó bá sì gbé wákàtí kan, òun lẹ fi ṣíwájú.

Ohun tó ń pa ọmọ jù nínú ìwé tí mo ti mákì ni ìdàpọ̀. Ọmọ á mú àwọn 3 láti inú síláìdì àkọ́kọ́, á fi 8 tó wá láti inú èkejì pín in, á gba 37.5. Òmíràn á fi 1 lé orí 7, á gba 14.3. Nínú òṣùwọ̀n méjèèjì, kò sí èyí tó bí 37.5 tàbí 14.3 fún àwọn ènìyàn mẹ́wàá yẹn, nítorí náà ẹni tó ń mákì kò rí ibi tó máa fún un ní máàkì sí, ì báà ṣe pé gbogbo ìṣirò rẹ̀ tọ̀nà. Ọmọ tó bá kọ ìtumọ̀ rẹ̀ sókè kó tó bẹ̀rẹ̀ ìṣirò kì í sábà bọ́ sínú kòtò yìí, torí ìtumọ̀ náà ń wò ó lójú bó ti ń kà. Àṣìṣe kejì ni kíkọ̀wé pé àìríṣẹ́ṣe já wálẹ̀ láti 33.3 sí 4.1 láàárín ọdún 2020 sí 2023. Igbá méjì kò ṣe é fi wé ara wọn. Mo máa ń fa ìlà pupa sábẹ́ gbólóhùn yẹn, mi ò sì fún un ní nǹkan kan.

Mo ní kí wọ́n lọ bá aṣojú kíláàsì wọn, kó bá wọn kọ̀wé sí àwọn olùkọ́ méjèèjì pa pọ̀ nínú lẹ́tà kan. Mo bá wọn tò ó: a kíni tọ̀wọ̀tọ̀wọ̀, a kọ ìtumọ̀ méjèèjì sílẹ̀ bó ṣe wà, a kọ nọ́ńbà síláìdì kọ̀ọ̀kan, a sì bèèrè èyí tí wọ́n fẹ́ kí kíláàsì lò. A kò sọ pé ẹnikẹ́ni ṣì í. Ọ̀kan nínú wọn dáhùn lọ́jọ́ kejì pé kí wọ́n lo tuntun bí ìbéèrè kò bá sọ ohun mìíràn. Èkejì kò dáhùn títí wọ́n fi wọ gbọ̀ngàn ìdánwò.

Ìbéèrè tó jáde ní tábìlì. Wákàtí tó wà nínú rẹ̀ pín sí 1 sí 19, 20 sí 39, àti 40 sókè. Ọmọkùnrin náà pè mí láti ẹ̀gbẹ́ gbọ̀ngàn pé, “Àǹtí, 19 ló sọ fún wa.” Àwọn méjèèjì ló kọ òṣùwọ̀n 2015 sókè, pẹ̀lú orúkọ àjọ tó ni ín, kí wọ́n tó fọwọ́ kan ìṣirò. Wọ́n sọ fún mi pé ọ̀pọ̀ nínú kíláàsì náà ló lo wákàtí kan, torí ohun tí olùkọ́ kan fèsì nìyẹn, wọn kò wo orí tábìlì.

Ẹ̀yin olùkọ́ ẹlẹgbẹ́ mi tí ẹ ń pín kọ́ọ̀sì láàárín ara yín, ẹ jọ̀ọ́, ẹ pàdé fún ìṣẹ́jú díẹ̀ kí sáà tó bẹ̀rẹ̀, kí ẹ gbé síláìdì yín sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn. Bí ìtumọ̀ yín bá yàtọ̀, ẹ fi méjèèjì sílẹ̀, ṣùgbọ́n kí ẹ kọ orúkọ ẹni tó ni ọ̀kọ̀ọ̀kan àti ọdún rẹ̀ sí ìsàlẹ̀ síláìdì, kí ẹ sì kọ èyí tí ẹ fẹ́ lò sórí ìwé ìbéèrè gan-an.